Ìyàtọ̀ Wà, Ṣùgbọ́n Báwo Ló Ṣe Tóbi Tó?

Àsìkò prójẹ́ẹ̀tì tún ti dé, àwọn ọ̀rẹ́ wa sì ti ń fi orí kẹrin wọn ránṣẹ́ sí wa pé ká bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọwọ́ súpáfáísọ̀. Gbólóhùn kan wà tí kì í yẹ̀ níbẹ̀: "Ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, nítorí p kò tó 0.05." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Bí SPSS bá wá gbé `.000` jáde lábẹ́ `Sig. (2-tailed)`, ayọ̀ dé nìyẹn. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà yóò kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ náà "pàtàkì gidigidi". Tí ẹ bá wá bi í pé báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó, yóò tún tọ́ka sí `.000` yẹn kan náà.

Èrò wa ni pé orí kẹrin tó bá dúró síbẹ̀ kò tíì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ìwádìí. Ó sì yẹ kí àwọn súpáfáísọ̀ máa dá a padà.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà. Sìgìnífíkáńtì ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, àwa náà sì ń pè é ní "pàtàkì" ní Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kan pàtàkì nínú ìṣirò náà. Ohun tí iye p ń dáhùn ni èyí: ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì rárá, ẹ̀ẹ̀mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èèṣì lásán ì bá mú ìyàtọ̀ tó tó èyí tí a rí yìí wá, tàbí èyí tó jù ú lọ? Bí p bá jẹ́ 0.03, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú 100 nìyẹn. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ ìyá tó ń rò ó bóyá kí òun san owó lẹ́sìnnì kún owó ilé-ìwé ọmọ òun kò béèrè bóyá èèṣì ni. Ó ń béèrè pé máàkì mélòó ni lẹ́sìnnì náà yóò fi kún ti ọmọ òun. Iye p kò lè sọ ìyẹn fún un, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí ariwo rẹ̀ kárí ayé. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, Fesibúùkù yí ohun tí àwọn èèyàn ń rí lójú ìwé wọn padà láìsọ fún wọn. Wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ àwọn kan kọ kù, wọ́n sì dín ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kù fún àwọn mìíràn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àfiwé tirẹ̀, tí wọ́n kàn yọ ọ̀rọ̀ kúrò lójú ìwé wọn láìwo irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà ka iye ọ̀rọ̀ ayọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ tó wà nínú ohun tí àwọn èèyàn náà fúnra wọn ń kọ. Àwọn tí wọ́n lò jẹ́ 689,003, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́. Adam Kramer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014, ìyẹn ló sì dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Àwọn èèyàn bínú pé Fesibúùkù ń fi ọkàn ẹni ṣeré, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà lè tẹ bọ́tìnnì kan kí inú gbogbo ayé bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ àìgbàṣẹ yẹn tó ohun tí à ń bínú sí, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì kéré lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bọ́tìnnì náà. Nígbà tí wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ kù lójú ìwé àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí àwọn náà ń kọ fi 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ẹgbẹ́ àfiwé. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kàn fi ọ̀rọ̀ ayọ̀ kan ṣoṣo dín in kù. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo ohun tí ẹ kọ sórí Fesibúùkù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ sì fi "inú mi dùn" kan ṣoṣo sílẹ̀. Síbẹ̀, t tí wọ́n ṣírò jẹ́ 5.63. Bó bá jẹ́ èèṣì lásán ni, irú ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mílíọ̀nù 10.

Báwo ni ohun tó kéré tó báyìí ṣe wá ní ẹ̀rí tó lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ibí yìí ni ìwọ̀n ipa ti wọlé.

Ìwọ̀n ipa tí à ń sọ níbí ni d, tí wọ́n ń fi orúkọ Jacob Cohen pè. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá: ẹ yọ ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ kan kúrò nínú ti èkejì, kí ẹ fi ìwọ̀n ìtànká pín ohun tó bá kù. Ìwọ̀n ìtànká ni ohun tó ń sọ bí èèyàn ṣe máa ń yàtọ̀ síra wọn nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ méjì. Ohun tí d ń bi wá ni pé, tí a bá fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì wé ìyàtọ̀ tó ti wà láàárín èèyàn àti èèyàn tẹ́lẹ̀, ipò wo ló wà?

Ká ní a kọ́ àwọn ọmọ 40 ní ọ̀nà tuntun, a kọ́ 40 mìíràn ní ti àtijọ́. Àwọn ti ọ̀nà tuntun gba máàkì 62 ní ìpíndọ́gba, àwọn ti àtijọ́ gba 57. Ìtànká ti àkọ́kọ́ jẹ́ 9, ti èkejì jẹ́ 11. Nígbà tí iye èèyàn bá dọ́gba, ọ̀nà tí a fi ń pa ìtànká méjèèjì pọ̀ nìyí nínú R:

```
sp <- sqrt((9^2 + 11^2) / 2)   # 10.05
d  <- (62 - 57) / sp           # 0.50
```

Máàkì 5 ni ìyàtọ̀ náà, ìdajì ìtànká kan sì ni. Láti ibẹ̀, a lè dé ọ̀dọ̀ t pẹ̀lú ìlà kan, níbi tí n jẹ́ iye èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan:

```
t = d × √(n/2)
```

Gbogbo àríyànjiyàn wa wà nínú ìlà yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan méjì ló para pọ̀ di t. Èkíní ni d, ìyẹn bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó. Èkejì ni n, ìyẹn iye èèyàn tí a rí kó jọ. Bí t bá ṣe ń ga sí i ni p ń kéré sí i. Tí n bá jẹ́ 40, t jẹ́ 2.24, p sì jẹ́ nǹkan bí 0.03. Ẹ pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, ó ti "pàtàkì" nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní èèyàn 12 péré ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí máàkì sì rí bó ṣe rí gẹ́lẹ́, t yóò jẹ́ 1.22, p yóò sì fò sókè sí nǹkan bí 0.23. Ọ̀nà ìkọ́ni náà kò yí padà, máàkì 5 náà kò yí padà. Iye àga tó wà nínú kíláàsì nìkan ló yí padà. Ẹni tó bá ń fi p wọn bí nǹkan ṣe tóbi tó, iye àga ló ń kà láìmọ̀.

Ẹ wá fi ìlà yẹn kan náà sí ti Fesibúùkù. Nǹkan bí 155,000 èèyàn ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 77,500, rúùtù ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí 278. d tí wọ́n kọ jẹ́ 0.02. Ẹ fi 0.02 sọ 278 di púpọ̀, ẹ ó rí 5.56, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 5.63 wọn dọ́gba. Agbára tó wà nínú t náà, láti ọ̀dọ̀ 278 ló ti wá. d kò mú ohun kan dání bí kò ṣe ẹ̀wádún méjì lórí ẹgbẹ̀rún... rárá, kò tó bẹ́ẹ̀ kó ṣòro: ó mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìtànká kan dání, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni 0.02 ṣe rí lójú? Ẹ gbé e lọ sínú ìdánwò tí ìtànká rẹ̀ jẹ́ 10, bíi ti òkè yẹn. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún 10 jẹ́ 0.2. Kò sí olùkọ́ tó ń fúnni ní ìdá kan nínú márùn-ún máàkì kan. Tàbí kí ẹ wò ó báyìí: ẹ mú ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, ẹ mú ẹnì kan láti inú èkejì, láìyàn wọ́n. Bí máàkì bá tàn ká bó ṣe yẹ, tí àárín pọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì tín-ín-rín, ìgbà 50.6 nínú 100 ni ẹni ti ẹgbẹ́ tó ga yóò ju ẹnì kejì lọ. Ẹni tó ń ju owó ẹyọ sókè ti ní 50 láìṣe ìwádìí kankan. Ní ti kíláàsì wa tí d jẹ́ 0.5, yóò jẹ́ nǹkan bí 64. Ìyẹn ṣeé fojú rí.

Àwọn tó ṣe ìwádìí náà mọ èyí, wọn kò sì fi pa mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn pé ipa náà kéré. Àlàyé wọn ni pé èèyàn tó wà lórí Fesibúùkù pọ̀ débi pé ohun kékeré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè di ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ lójúmọ́ tí a bá kó o jọ. Àwa gbà á ní ìdajì. Òótọ́ ni pé kékeré lọ́nà èèyàn púpọ̀ kì í ṣe kékeré mọ́ nígbà mìíràn, ẹ̀rí kan sì wà tí a kò lè fojú fò. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n fún àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ní ásípírìn lọ́jọ́ kan yọ ọ́jọ́ kan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Nínú 11,034 tó gba oògùn òfìfo, 189 ni ìkọlù ọkàn mú. Nínú 11,037 tó gba ásípírìn, 104 ni. Tí ẹ bá pe àìsàn ní 1, tí ẹ pe àìní àìsàn ní 0, kí ẹ ṣírò d, ẹ ó rí nǹkan bí 0.07. (Kì í ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe d, a kàn fẹ́ fi wé ni.) Ó kéré gan-an lójú. Síbẹ̀, èèyàn 85 ni ìyàtọ̀ yẹn, ìkọlù ọkàn sì ni, oògùn náà kò sì wọ́n. Ásípírìn náà ní ewu tirẹ̀, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dà nínú ikùn, nítorí náà dókítà ní láti fi ọ̀kan wé èkejì. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi wé ara wọn ni iye èèyàn tó bọ́ àti iye èèyàn tó kó sí wàhálà. p kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ìdí tí a fi ní ìdajì la gbà ni pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ kan nínú ẹgbẹ̀rún kì í ṣe ìkọlù ọkàn. A kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ banújẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í láti máa yọ̀ láàárín àwọn tí kò yọ̀. Kíkó ohun tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jọ lọ́nà mílíọ̀nù kò ní kí ìtumọ̀ rẹ̀ yéni sí i.

Ní báyìí, a mọ ohun tí àwọn kan yóò ṣe tí wọ́n bá ka èyí tán. Wọn ó lọ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé 0.2 kéré, 0.5 wà ní àárín, 0.8 tóbi, wọn ó sì fi rọ́pò 0.05. Cohen ló gbé nọ́ńbà mẹ́ta yẹn kalẹ̀ lóòótọ́, nínú ìwé rẹ̀ ti 1969, ṣùgbọ́n òun náà ló kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá ní ohun tó dára jù ú lọ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kó lò ó. Láti jẹ́ kó yéni, ó ní 0.2 dà bí ìyàtọ̀ gíga láàárín àwọn ọmọbìnrin ọdún 15 àti ọdún 16, tí ojú kò lè tètè rí. 0.5 sì dà bíi ti ọdún 14 sí ọdún 18. Ìyẹn wúlò fún ojú, kò wúlò fún ìdájọ́. Ásípírìn ti fi hàn wá pé 0.07 lè jẹ́ ẹ̀mí èèyàn.

Ìṣòro mìíràn tún wà nínú d tí a kì í sábà gbọ́ ní kíláàsì. Ìtànká ni a fi ń pín, ìtànká sì wà lọ́wọ́ irú àwọn tí a yàn. Ẹ padà sí máàkì 5 wa. Nínú kíláàsì tí gbogbo onírúurú ọmọ wà, ìtànká jẹ́ 10, d jẹ́ 0.5. Ká wá ní ẹnì kan ṣe ìwádìí kan náà láàárín àwọn tó gba sìkọ́láṣíìpù nìkan, tí máàkì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn, tí ìtànká wọn jẹ́ 4. Máàkì 5 kan náà yóò di d 1.25. Ẹni tó bá ka d nìkan yóò rò pé ọ̀nà ìkọ́ni náà ṣiṣẹ́ ju ìlọ́po méjì lọ fún wọn, bẹ́ẹ̀ máàkì 5 ni fún gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹ má fi d pa máàkì gidi rẹ́. Níbi tí òṣùwọ̀n bá ti ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀, bíi máàkì, náírà, kílò tàbí ọjọ́, òun ni kó ṣáájú, kí d tẹ̀ lé e. Ibi tí d ti jẹ́ ọba ni ibi tí òṣùwọ̀n kò ti sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, bíi "4.1 lórí 5" nínú ìwé ìbéèrè tí ẹ ṣe fúnra yín.

Iṣẹ́ tí èyí máa fi kún ti yín kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ẹ̀dà 27 ni SPSS ti ń tẹ d jáde fúnra rẹ̀, nínú tábìlì tó ń jẹ́ `Independent Samples Effect Sizes`. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: nọ́ńbà tó kọ́kọ́ wà níwájú `Cohen's d`, lábẹ́ `Standardizer`, kì í ṣe d, ìtànká tí wọ́n fi pín ni. Abẹ́ `Point Estimate` ni d wà. Bí ẹ bá rí prójẹ́ẹ̀tì tó ní d rẹ̀ jẹ́ 10.05, ẹ ti mọ ibi tí ó ti mú un. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni `Lower` àti `Upper` wà, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀, torí d náà lè ṣi èèyàn lọ́nà bí èèyàn kò bá pọ̀. Ní ti kíláàsì wa tó ní ọmọ 40 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, d 0.50 yẹn lè jẹ́ ohunkóhun láti nǹkan bí 0.05 dé 0.94. Ọ̀nà tuntun náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ṣe nǹkan kan, ó sì lè ṣe bẹbẹ.

Gbólóhùn tí a ń fẹ́ nínú orí kẹrin yóò wá rí báyìí: "Àwọn tí a kọ́ ní ọ̀nà tuntun fi máàkì 5 ju àwọn yòókù lọ (62 sí 57), d = 0.50, láti 0.05 dé 0.94, p = 0.03." p ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e jáde. Ó kàn bọ́ sí ẹ̀yìn ni. Ẹ má sì kọ `p = .000` láé, SPSS ló gé nọ́ńbà kù. p < 0.001 lẹ ó kọ.

Ẹni tó bá ń kọ d tún ní àǹfààní kan tí ẹni tó ń kọ p nìkan kò ní: a lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nínú ìwé Fesibúùkù yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ fi 0.04 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, pé t jẹ́ 2.71, pé d sì jẹ́ 0.001. Ẹ fi 278 pín 2.71. Ohun tí ẹ ó rí jẹ́ nǹkan bí 0.01, tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí wọ́n kọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí òmíràn nínú ìwé náà, tí t rẹ̀ jẹ́ 2.19 tí d sì jẹ́ 0.008, ẹ ó rí i pé ìyẹn bára mu. Ó jọ pé òdo kan ló lé, 0.001 yẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbé kiri bíi nọ́ńbà tó kéré jù lọ nínú iṣẹ́ náà.